Táìsì Tí Wọ́n Ti Tẹ́

Kò sí ohun tó ṣe àwọn páálí náà lójú. Wọ́n jókòó létòlétò lórí tírélà, okùn ike tí iléeṣẹ́ fi dì wọ́n kò já, omi kò sì kàn wọ́n. Àwọn alábàárù ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé páálí kan lé èjìká, ó dúró, ó mì í díẹ̀, ó ní, "Dádì, eléyìí ń sọ̀rọ̀ o."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni, ní Challenge, níbi tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Ìròyìn kan ni mo lọ gbà ní Ring Road, mo wá yà sọ́dọ̀ wọn láti mu omi tútù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí alábàárù náà sọ páálí ọ̀hún kalẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹnu rẹ̀. Táìsì mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ti di àfọ́kù, bí àwo tí èèyàn jù mọ́ ògiri.

Ó ní kí wọ́n dá jíjá ẹrù dúró. Awakọ̀ tírélà náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti òru, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n já ẹrù kí n máa lọ, bàbá. Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ. Ọ̀nà ló fọ́ ọ."

"Mo mọ̀ pé ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò lè fọwọ́ síwèé. Ìwọ ni wàá fọwọ́ sí i."

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, bí ẹni tí kò lọ́nà míì.

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń sọ páálí kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ ni wọ́n ń mì í. Èyí tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ogójì páálí ló wà lápá ibi tó fọ́. Ó kọ ogójì yẹn sára wébíìlì, ìwé tó máa ń bá ọjà rìn, lókè ibi tí wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí i pé ọjà pé. Ó ní kí awakọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síwájú ìfọwọ́sí náà. Ó sọ fún mi nígbà yẹn pé oníṣòwò tó bá fọwọ́ sí i pé ọjà pé, tó wá fi ẹjọ́ sùn lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ló ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Á kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ páálí hàn, níbi tí iléeṣẹ́ tẹ nọ́ńbà ẹrù sí, kó tó ṣí i. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó wà lórí rédíò. "Páálí kẹjọ rèé. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wo inú rẹ̀. Kò sí odidi kan."

Mo béèrè ohun tó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbà. Ó ní kírẹ́díìtì nóòtì ni. Iléeṣẹ́ tó ń fún wọn lọ́jà kì í dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á fi yọ iye ọjà tó bàjẹ́ kúrò nínú gbèsè tó wà lọ́rùn oníṣòwò. Àwìn ni wọ́n fi ń kó ọjà fún un, oṣù kan sí oṣù kejì. Bí gbèsè ogójì páálí yẹn bá wà lọ́rùn rẹ̀ di òpin oṣù, ọkọ̀ míì kò ní wá, wọ́n á sì fún ẹlòmíì láyè láti máa ta ọjà wọn ní àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ ló ń wá àyè ọ̀hún.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló fi fídíò náà, àwòrán wébíìlì àti ti ínfọ́ìsì, ìwé iye owó ọjà, ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹ̀sùn rẹ̀. Kó tọ́jú ọjà tó fọ́. Ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò máa wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kó èyí tó fọ́ padà sí ilé ìkẹ́rù. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, wọ́n á pa fáìlì náà dé.

Ṣọ́ọ̀bù kò gba gbogbo rẹ̀. Ó kó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ́nà Apete, mẹ́rìnlá ṣẹ́kù sẹ́yìn káńtà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ti iṣẹ́ dé, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Oúnjẹ jinná, òun kò jí mọ́.

*

Ará Èkìtì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n má gbé òun lọ sílé. Ilé tó wà lọ́nà Apete yẹn, táìsì ló kọ́ ọ. Ìgbà tí ọmọ kẹta ń bọ̀ ni wọ́n kó wọ ibẹ̀, ilẹ̀kùn ò tíì pé. Ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí. Àwọn alàgbà ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀ fara mọ́ ọn, wọ́n sì ní kò dára kí òkú pẹ́ nílé òkú. Wọ́n fi ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Òjò kò dáwọ́ dúró ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ìta ilé wọn kò ní kọnkéré, ẹrọ̀fọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, ló ń sáré gbogbo ètò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí òun àti bíríkìlà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbẹ́, bàtà wọn ti rì sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Àwọn àgbà ń bọ̀ láti ilé," ó ní. "Ṣé inú ẹrọ̀fọ̀ yìí ni wọ́n máa dúró wo ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó gba kọnkéré," ni bíríkìlà wí.

"Owó dà? Wo ẹ̀yìn ilé. Táìsì kún ibẹ̀. Ó ti fọ́, ta ló fẹ́ rà á? Ẹni tó ta táìsì títí tó fi kú, kí la tún fẹ́ fi tẹ́ ilẹ̀ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ létí. Ó sì dára létí. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, kò sẹ́ni tó lọ bi í. Ta ni yóò lọ bi opó léèrè ọ̀rọ̀ táìsì? Bíríkìlà àti àwọn èèyàn rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì, wọ́n to àfọ́kù mọ́ àfọ́kù bí ẹni ń to ọnà sára aṣọ, funfun mọ́ aláwọ̀ eérú. Wọ́n tẹ́ ìta títí dé ẹsẹ̀ ibojì. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n fi ìyókù bo orí ibojì náà. Àwọn páálí tó ṣófo, àwọn obìnrin tó ń dáná fi dáná.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i ní ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n mú un jáde. Ó dúró lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ̀tí. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ẹ bo ìtìjú mi."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìsìnkú ni ẹni tó ń yẹ ọjà wò dé. A rò pé ọkùnrin ni yóò jẹ́. Ọmọbìnrin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, báàgì iṣẹ́ lẹ́yìn, ẹrọ̀fọ̀ ọ̀kadà lára ṣòkòtò. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, mà. Bàbá dáa. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù tí wọ́n bá pe ọ́fíìsì. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Àwọn méjèèjì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin náà nu ojú, ó mú ínfọ́ìsì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi nọ́ńbà ara páálí kọ̀ọ̀kan wé ti inú ìwé, ó tú u, ó ya àwòrán rẹ̀. Ó dé orí ìkẹrìnlá.

"Ogójì ló wà nínú ẹ̀sùn, mà."

"Ìyókù wà nílé. Àyè ò gbà á níbí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mo bá wọn lọ. Títí a fi dé Apete, ẹ̀gbọ́n mi kò ronú kan ohunkóhun. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó ṣí géètì, tí ọmọbìnrin náà dúró, tó wolẹ̀, tó wá wo iwájú títí dé ibi tí òdòdó ìsìnkú ṣì wà. Ìgbà yẹn ló yé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀.

"Wọ́n ti tẹ́ ẹ, mà."

Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú ilé. "Fífọ́ ni, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ bá mi wá odidi kan níbẹ̀, mo gbà fún yín."

"Mo rí i pé fífọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n a kì í gba ẹ̀sùn lórí táìsì tí wọ́n bá ti tẹ́. Ó wà lára páálí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti tẹ́ ẹ, ó ti gbà á nìyẹn."

"Ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín ló wà lábẹ́ rẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà lórí ibojì!"

"Fọ́ọ̀mù yìí ò ní àyè ibojì, sà. Ó wà nínú páálí, àbí ó wà nílẹ̀? Ohun tí wọ́n bi mí ò ju ìyẹn lọ."

Mo ní a ní fídíò. Iṣẹ́ mi ni láti gba ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ gbọ́, mo sì rò pé ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ọmọbìnrin náà mi orí. "Fídíò sọ pé ó fọ́. Kò sọ pé ẹ ò lò ó. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ta àfọ́kù fún àwọn tó ń tẹ́ ìta ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún gba kírẹ́díìtì lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó o padà."

Síbẹ̀ ó ní òun ní láti wo fídíò náà, torí èyí tó dé ọ́fíìsì kò pé. Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù ọkọ rẹ̀ wá. A dúró lórí táìsì náà, a ń gbọ́ ọ.

"Páálí kejìlélógún rèé. Ẹ wo inú rẹ̀." Ìró páálí. "Ọ̀kan nínú rẹ̀ ò fọ́ o. Igun rẹ̀ ló kàn là díẹ̀, ó ṣeé tà. Ẹ gbé e sápá ibẹ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìyàwó mi, gba fóònù yìí mú. Ọwọ́ ń ro mí."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dáhùn nínú fídíò náà, ó ń bínú díẹ̀: "Ṣebí mo ní kí ẹ jẹun ná."

Ọmọbìnrin náà pa fídíò náà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì di fóònù mú.

"Mo rò pé páálí tí wọ́n ń gbé ló fà á," ó ní. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ọwọ́ òsì ni, apá ibi tí ọkàn wà."

Ọmọbìnrin náà sọ fún wa kó tó lọ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Mọ́tò máa wá kó èyí tó fọ́, òun náà á sì tẹ̀ lé e wá, òun á kọ iye tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á pa fáìlì dé.

*

Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó. "Ìyàwó," ó ní, "èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Èmi ni màá ní kí wọ́n hú u."

Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. "Sìmẹ́ǹtì ò tíì gbó. Á ṣí. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, a ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní páálí nílé."

Mo sọ pé àmì á wà. Bíríkìlà wò mí. "Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, ṣé ẹ ti fọ táìsì rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n mi ló parí ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ̀gùn iwájú ilé ló jókòó sí, aṣọ dúdú lọ́rùn. "Bí ọkọ̀ wọn kò bá wá mọ́, kí ni mo fẹ́ máa tà? Òkú ò mọ̀ bóyá ẹrọ̀fọ̀ ni tàbí táìsì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ohun tí àwa méjèèjì jọ ní. Ẹ hú u."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta, òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu géètì. Màmá kan pè wọ́n, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ẹ lánàá, kí lẹ tún ń wá lábẹ́ rẹ̀?" Wọ́n ń lu òòlù lọ. Èyí tó bá ṣí, wọ́n á jù ú sínú báfù omi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó sínú páálí. Púpọ̀ tún fọ́ sí i lábẹ́ òòlù. Ẹrọ̀fọ̀ ń yọ padà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò lọ síbì kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n láti àtẹ̀gùn títí tí bíríkìlà fi gun orí ibojì, tó fi ṣísẹ́ẹ̀lì sí igun rẹ̀, tó lu òòlù lẹ́ẹ̀kan.

"Ó tó."

Bíríkìlà gbójú sókè. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, "Ó ku bíi páálí mẹ́rin, ìyàwó. Kó lè pé."

"Ọkọ mi, mo ní ó tó." Ó ti dìde. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀."

*

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọmọbìnrin náà bá páálí méjìlélógún tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí wa pẹ́. Ó wo páálí: nọ́ńbà ẹrù mìíràn ló wà lára wọn. Ó mú àfọ́kù kan, ó yí i dojú dé. Ẹ̀yìn táìsì ní àwọn ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí sìmẹ́ǹtì máa ń di mú. Ó fi èékánná họ ọ̀kan. Sìmẹ́ǹtì yọ sí i lọ́wọ́.

"Ta ló fọ̀ ọ́, mà?"

Mo rò pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Àwa ni."

"Ẹ ò bá má hú u, mà."

"Ó ti fọ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀, mà. Gbogbo wa la mọ̀." Ó rọra dá àfọ́kù náà padà, bí ohun tó ṣì lè fọ́. "Bí mo bá kọ ọ́ pé inú páálí ni mo bá a, àwọn tó wà nílé ìkẹ́rù á yí i padà bí mo ṣe yí i yìí. Bí mo bá kọ ohun tí mo rí, wọ́n á ní ẹ̀sùn èké ni. Wọ́n á da mẹ́rìnlá náà nù pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín yọ ìyókù kúrò nínú ẹ̀sùn."

"Tí mo bá yọ ọ́ ńkọ́, ọkọ̀ á wá?"

Ọmọbìnrin náà kò parọ́ fún un. "Ó dọwọ́ ohun tí ẹ bá lè san di òpin oṣù, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi gba bírò. Níbi tí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i pé mẹ́rìnlá ni. Àwọn alábàárù gbé mẹ́rìnlá náà sí mọ́tò. Ìyókù ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò kó o sí.

Kò rí owó ìyókù san di òpin oṣù. Ohun tó tà, ó fi ń tọ́jú ọmọ, ó fi san owó ìsìnkú tó kù. Ọkọ̀ kò wá. Ọkùnrin kan lápá Ring Road ló gba àyè náà, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tilẹ̀ wá kí i.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán ni kírẹ́díìtì nóòtì náà dé. Ilé ni mo ti bá a, lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ kò ríran kedere mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Wọ́n ti yọ ti mẹ́rìnlá kúrò."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Wọ́n ní a ti gbà á."

Ó wo ìta. Òjò ti ń dínkù, ẹrọ̀fọ̀ ti ń gbẹ, ibi tí òòlù ti lù ṣì rí gbágungbàgun. Ibojì nìkan ló mọ́ láàárín rẹ̀, pẹ̀lú igun kan tí ṣísẹ́ẹ̀lì ti là díẹ̀.

"Á jẹ́ pé tiwa ni," ó wí. Ó bọ́ bàtà, ó gba inú erùpẹ̀ kọjá, ó lọ fi aṣọ nu orí ibojì náà.